Tírọ́mbìn ń padà sẹ́yìn: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì láti ojú ọgbẹ́ títí dé orí fáíbírìn

"Ẹ kú iṣẹ́ mà, Dókítà. Mo wà ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbí l'Adó-Èkìtì. Wọ́n kọ́ wa pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dì, ọ̀nà inú àti ọ̀nà ìta, àti pé èyíkéyìí nínú méjèèjì ló lè dé ọ̀dọ̀ fákítọ̀ 10. Ẹni tó ní hẹmofílíà, fákítọ̀ 8 nìkan ni kò ní, ọ̀nà ìta rẹ̀ ṣì pé pérépéré. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gba ibẹ̀ dì? Mo ti bi ẹni mẹ́ta mà, kò yé mi síbẹ̀."

Ọmọ mi, ibi tí o di mú yẹn gan-an ni àwòrán ọ̀nà méjì tí wọ́n fi kọ́ yín ti ya. Ọdún 1964 ni wọ́n gbé e jáde. Macfarlane wà ní Ọ́sífọ́ọ̀dù, Davie àti Ratnoff wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ lọ́dún kan náà pé ńṣe ni àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ń jí ara wọn dìde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ọ̀kan á jí èkejì, èkejì á jí ẹ̀kẹta, títí á fi kan fáíbírìn, okùn tó ń di ẹ̀jẹ̀ mú. Davie àti Ratnoff fi í wé omi tó ń já láti orí òkè. Bí o bá ti dé Ìpólé-Ìlórò rí, tí o dúró wo bí omi Àrìnta ṣe ń bọ́ láti orí àpáta kan sórí èkejì, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nìyẹn. Inú ìgò ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n rí, òótọ́ sì ni nínú ìgò títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n omi Àrìnta kì í padà gòkè. Tírọ́mbìn, èròjà tó ń hun fáíbírìn, máa ń padà gòkè, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn rẹ wà.

Jẹ́ ká gbà á láti ojú ọgbẹ́. Ká ní o ń bẹ iṣu, ọ̀bẹ yọ̀, ó gé ọ níka. Kí o tó pariwo, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gé náà ti sún ara rẹ̀ kì. Kọ́lájìn tó fara pamọ́ sẹ́yìn awọ inú iṣan ti hàn síta, fákítọ̀ Fọn Wílíbráàn ti lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn pílétílẹ́tì tó ń sáré kọjá sì ń há sí i lára. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á dí ojú ihò náà bí ẹni fi amọ̀ tútù dí ihò ara ògiri. Amọ̀ náà kò tíì gbẹ. Bí o bá fọwọ́ nù ún, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Lásìkò kan náà, tíṣù fákítọ̀ ti hàn síta pẹ̀lú. Ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí iṣan ká lẹ́yìn ni èyí ń gbé, nítorí náà òun àti ẹ̀jẹ̀ kì í fojú kanra àfi tí iṣan bá ya. Bí wọ́n bá ti pàdé, fákítọ̀ 7 inú ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ọn. Díẹ̀ nínú fákítọ̀ 7 yìí, bí ìdá 1 nínú 100, kì í sùn rárá, ó ti jí sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ọgbẹ́ tó dé, òun ló sì ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́tà a kékeré tí wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn nọ́ńbà, bíi 7a, òun ló ń sọ fún ọ pé fákítọ̀ náà ti jí.

Tíṣù fákítọ̀ àti fákítọ̀ 7a ni wọ́n á wá jí fákítọ̀ 10. Èyí tí o mọ̀ nìyẹn. Ohun tí àwòrán rẹ fi pamọ́ ni pé wọ́n tún ń jí fákítọ̀ 9, èyí tí wọ́n ní ọ̀nà inú ló ni ín. Láti ọdún 1977 ni wọ́n ti mọ èyí, ó sì fọ́ ògiri tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì láti ìgbésẹ̀ kìíní pàá. Fákítọ̀ 10a tó jí lójú ibẹ̀ á mú fákítọ̀ 5 díẹ̀ mọ́ra, á gé pùrótírọ́mbìn, tí í ṣe fákítọ̀ 2, tírọ́mbìn á sì jáde. Tírọ́mbìn yìí kéré gan-an. Kò lè hun fáíbírìn tó lè dá ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ dúró. Iṣẹ́ tó wà fún un yàtọ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ìwọ á ní kí ló dé tí ọ̀nà ìta kò kàn máa jí fákítọ̀ 10 lọ bẹ́ẹ̀ títí tírọ́mbìn á fi pọ̀ tó. Ìdí ni pé ara kò gbà fún un. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti lára awọ inú iṣan tí mo máa ń pè ní adènà tíṣù fákítọ̀. TFPI ni wàá rí nínú ìwé. Ìwà rẹ̀ ṣe pàtàkì. Á dúró títí fákítọ̀ 10a àkọ́kọ́ á fi jáde, á gbá a mú, á sì gbé e lọ fi di ìṣọ̀kan tíṣù fákítọ̀ àti 7a lẹ́nu. Iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn náà ṣe ló fi ń ti ilẹ̀kùn. Fákítọ̀ 10a tó bá sì gbìyànjú láti kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tó ti jí, kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn pílétílẹ́tì, àntítírọ́mbìn á mú un lójú ọ̀nà. Nítorí náà ọ̀nà ìta ò ju ìṣáná lọ. O ṣá a, ó tàn, afẹ́fẹ́ pa á. Bí kò bá sí èésan àti igi gbígbẹ tó ti gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú, o kò ní rí iná se ọbẹ̀. Ẹni tó ní hẹmofílíà, ìṣáná rẹ̀ pé, ó sì ń tàn. Igi ni kò sí.

Igi ọ̀hún ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa. Tírọ́mbìn kékeré àkọ́kọ́ yẹn á padà sẹ́yìn, á lọ jí àwọn tó wà lókè rẹ̀ nínú àwòrán. Á kọ́kọ́ jí àwọn pílétílẹ́tì tó ti há sójú ọgbẹ́. Pílétílẹ́tì tó bá jí báyìí á yí ọ̀rá ara rẹ̀ padà, èyí tó kọjú sínú tẹ́lẹ̀ á kọjú síta. Orí ọ̀rá yìí, pẹ̀lú kálísíọ̀mù, ni àwọn fákítọ̀ tó kù máa ń jókòó sí láti ṣiṣẹ́. Tírọ́mbìn kan náà á tún jí fákítọ̀ 5. Á gé fákítọ̀ 8 kúrò lára fákítọ̀ Fọn Wílíbráàn tó ń gbé e kiri, òun náà á jí. Á sì jí fákítọ̀ 11. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí bá ti parí, ojú pílétílẹ́tì ti di ibi iṣẹ́ tí gbogbo irinṣẹ́ pé sí, ẹni tí wọ́n ń retí ni fákítọ̀ 9a.

Ǹjẹ́ o rántí fákítọ̀ 9 tí tíṣù fákítọ̀ jí níbẹ̀rẹ̀? Òun nìkan ló lè rin ìrìn yìí. Adènà tíṣù fákítọ̀ kì í mú un, àntítírọ́mbìn náà kì í tètè rí i mú bó ṣe ń mú 10a. Á kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tó jí i, á gúnlẹ̀ sórí pílétílẹ́tì, á bá fákítọ̀ 8a níbẹ̀, wọ́n á dìgbà mọ́ra. Àwọn méjèèjì pọ̀ ló ń jí fákítọ̀ 10 ní bí ìlọ́po 50 bí tíṣù fákítọ̀ àti 7a ṣe lè jí i. Fákítọ̀ 10a tuntun yìí kò sì ní rìn jìnnà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni fákítọ̀ 5a wà. Nígbà tí 10a àti 5a bá jókòó pọ̀ lórí ọ̀rá náà, wọ́n á máa gé pùrótírọ́mbìn ní ìlọ́po bí 300,000 ju bí 10a nìkan ṣe lè gé e lọ. Ibi tí iná ti sọ nìyẹn. Tírọ́mbìn á rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mú fákítọ̀ 8 kúrò nínú ìtàn yìí wàyí. Tíṣù fákítọ̀ ṣe tirẹ̀, fákítọ̀ 9a rin ìrìn rẹ̀, ó dé orí pílétílẹ́tì, kò bá ẹnikẹ́ni. Fákítọ̀ 10 kò jí níbẹ̀, 5a jókòó lásán. Ní ti ọ̀nà ìta tí o ní ó ṣì pé, ẹ̀gbẹ́ kejì ọgbẹ́ ló wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti tì.

Má fi fáíbírìn ṣe ìgbésẹ̀ ìkẹyìn tí èèyàn ń kà kọjá o, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn yìí ń dà. Fáíbírínójìn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, gírámù 2 sí 4 nínú lítà kan plásímà. Tírọ́mbìn á gé ègé kékeré méjì-méjì kúrò lára rẹ̀, èyí tó kù á ní ojú tó lè fi so mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á to ara wọn bí okùn. Tírọ́mbìn díẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. Nínú ìgò, nígbà tí ojú rẹ bá fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dì, tírọ́mbìn tó ti jáde kò tó ìdá 5 nínú 100 gbogbo èyí tó máa jáde. Èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀yìn dídì ló ń dé. Ìwọ á wá bi mí pé kí ló ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dì? Òun ló ń sọ irú okùn tí a hun. Bí tírọ́mbìn bá pọ̀, okùn fáíbírìn á tẹ́ẹ́rẹ́, á sì pọ̀, àwọ̀n náà á dí. Bí ó bá kéré, okùn á nípọn, á fẹ̀ síra, àwọ̀n á já lọ́wọ́ kan. Tírọ́mbìn ló tún ń jí fákítọ̀ 13, tó ń rán okùn kan mọ́ èkejì kí wọ́n má lè yọ̀ kúrò lára wọn. Òun náà ló ń jí èròjà kan tó ń gé ojú ibi tí plásímìn, tó máa ń tú fáíbírìn palẹ̀, lè dì mú lára okùn. Ẹni tí tírọ́mbìn rẹ̀ kò rọ́ jáde, fáíbírìn rẹ̀ á nípọn, kò ní rán dáadáa, kò sì ní ẹ̀ṣọ́.

Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ hẹmofílíà kì í fi í yára jù tìrẹ lọ nígbà tí wọ́n bá gé e. Pílétílẹ́tì rẹ̀ pé, ó sì máa ń dí ojú ọgbẹ́. Á dá, ìyá á dúpẹ́, olóòlà á gba owó rẹ̀ lọ. Lóru, tàbí lọ́jọ́ kejì, àwọ̀n tí kò lágbára yẹn á tú, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kò ní tú yàà, á kàn máa jò, á sì kọ̀, kò ní dá.

Ọmọ kan wà tí mo máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n dábẹ́ fún un nílé. Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 3.4. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ mẹ́rin hàn wá nínú ọ̀rá, gbogbo wọn ló rin. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ̀jẹ̀ dá kí oòrùn tó wọ̀, pé lóru ló tún bẹ̀rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà rí bákan: kò sí iṣan kan tó ń tú, ṣe ló ń sun láti gbogbo etí rẹ̀ bí omi ṣe ń sun lára àmù, ẹ̀jẹ̀ dídì kan tó rọ̀ bí ògì sì jókòó lórí rẹ̀, tí ó ń yọ̀ kúrò bí a bá fi òwú kàn án. Mo bi ìyá náà nípa àwọn ọkùnrin ilé ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin kan kú ní kékeré lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín fún un. Ní ti èmi, ọ̀rọ̀ yẹn níye lórí ju ìdajì àyẹ̀wò lọ, torí ara kúrómósómù X ni jíìnì fákítọ̀ 8 àti 9 wà, ìyá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin.

Èsì tí wọ́n mú wá láti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò sọ pé PT rẹ̀, àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì ní ọ̀nà ìta, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 24, aPTT, ti ọ̀nà inú, sì ju 120 lọ. Bí a bá gba èyí gbọ́, a ó ní fítámìnì K ni kò tó, nítorí pé àìtó rẹ̀ ló máa ń fa méjèèjì gùn lọ́mọ tuntun: fákítọ̀ 2, 7, 9 àti 10 kò lè dì mọ́ kálísíọ̀mù láìsí i. Ṣùgbọ́n ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ bàbá ọmọ. Ìgò aláwọ̀ búlúù ni, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò sì dé ìdajì ibi tí ìlà wà. Sítírétì ló wà nínú ìgò yẹn, ìwọ̀n kan rẹ̀ fún ìwọ̀n mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti di kálísíọ̀mù mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lọ́nà. Ní láàbù, wọ́n á wá da kálísíọ̀mù padà sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n ti mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá kún ìgò, sítírétì tó ṣẹ́ kù á gbé kálísíọ̀mù yẹn náà mì, gbogbo àyẹ̀wò á gùn, á sì dà bíi pé aláìsàn kò ní fákítọ̀ kankan. A gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó kún dé ìlà. PT jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 13, ti ẹni tí ara rẹ̀ dá sì jẹ́ 12.5. aPTT jẹ́ 84, ti ẹni tí ara rẹ̀ dá jẹ́ 32. Pílétílẹ́tì pé. Ọmọ tuntun lè ní aPTT tó gùn díẹ̀ ju ti àgbà lọ, ṣùgbọ́n kì í tó báyìí. A po plásímà rẹ̀ mọ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ní ìdajì-ìdajì, aPTT bọ́ sí 36. Lẹ́yìn wákàtí méjì nínú ooru ara, ó ṣì jẹ́ 37. Èyí fi hàn pé ohun kan ni kò sí nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ń gbógun ti ohun tó wà. Fákítọ̀ 9 rẹ̀ bójú mu fún ọjọ́ orí rẹ̀. Fákítọ̀ 8 kò tó ìdá 1 nínú 100.

Wàyí o, wo PT yẹn dáadáa, torí òun ló dá ìbéèrè rẹ sílẹ̀. Kí ló dé tó dára lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà? Ohun tí wọ́n ń da sínú ìgò fún PT ni tírọ́mbópílásítìn, tíṣù fákítọ̀ àti ọ̀rá tó pọ̀ ju ohun tí ojú ọgbẹ́ kankan lè mú jáde. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń jí fákítọ̀ 10 tó lẹ́ẹ̀kan náà kí adènà rẹ̀ tó lajú, kò sì nílò fákítọ̀ 8 tàbí 9 rárá. Dídì yẹn sì ni ẹ̀rọ ń dúró de. Bó ṣe rí i, ó pa aago. Nígbà yẹn, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ, tírọ́mbìn tó pọ̀ jù kò tíì jáde. Nítorí náà PT ń sọ òótọ́ nípa fákítọ̀ 7, 10, 5, 2 àti fáíbírínójìn. Kò ní ohunkóhun láti sọ nípa bóyá iná á sọ lórí pílétílẹ́tì. Ọ̀nà inú àti ọ̀nà ìta wúlò fún mi lójoojúmọ́ nígbà tí mo bá ń ka ìwé èsì láàbù, n kò ní kí o jù wọ́n nù, wọ́n á sì bi ọ́ nínú ìdánwò. Ibi ọgbẹ́ ni kí o má gbé wọn lọ.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà lára fákítọ̀ 12, èyí tó jókòó sí òkè pátápátá nínú àwòrán rẹ. Láti gba ìbẹ̀rẹ̀ aPTT, wọ́n máa ń da ohun kan bíi káólínì sínú plásímà, irú amọ̀ funfun tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjerò lọ́dọ̀ wa níbí. Ojú amọ̀ yẹn ló ń jí fákítọ̀ 12. Ìka rẹ tí ọ̀bẹ gé kò ní amọ̀ nínú. Ratnoff kan náà tí mo dárúkọ lókè ló kọ nípa Ọ̀gbẹ́ni John Hageman ní ọdún 1955, òṣìṣẹ́ ojú irin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ dì nínú ìgò rárá, síbẹ̀ tí kò ní ìṣòro ẹ̀jẹ̀ dídà kankan. Fákítọ̀ 12 ni kò ní. Ní 1968, egungun rẹ̀ fọ́ nígbà tó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ dídì sì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó kú. Ẹni tí aPTT rẹ̀ gùn ju ti ọmọ tí mo sọ yìí lọ, ẹ̀jẹ̀ dídì ló pa á. Bí ọ̀nà inú bá jẹ́ ọ̀nà gidi láti òkè délẹ̀, ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀. Ní ti fákítọ̀ 11, tírọ́mbìn lè padà lọ jí i láìsí 12, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fi 9a díẹ̀ kún èyí tó ti wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àìsí rẹ̀ fi máa ń fa ẹ̀jẹ̀ dídà tó mọ níwọ̀n, pàápàá lẹ́nu àti ní ilé ìtọ̀, níbi tí ohun tó ń tú fáíbírìn ti pọ̀.

Ohun kan tún wà tí PT àti aPTT kì í rí: fákítọ̀ 13. Ẹ̀rọ ti pa aago kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìwọ́ ọmọ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ó já, tí àyẹ̀wò méjèèjì sì dára, má sọ pé kò sí nǹkan. Wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ dídì rẹ̀ sínú yùríà. Èyí tí fákítọ̀ 13 rán kì í yọ́ nínú rẹ̀, èyí tí kò rán á yọ́. Àyẹ̀wò yìí kì í mú àfi ẹni tí tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Lára ìtọ́jú ni o ti lè rí i pé bí mo ṣe sọ ọ́ ló rí. Fún ọmọ yẹn, fákítọ̀ 8 fúnra rẹ̀ la ń wá. Ẹyọ kan fún kílò kan máa ń gbé e sókè ní ìdá 2 nínú 100, a fẹ́ kó dé bí 50, nítorí náà 25 lọ́nà 3.4, ẹyọ 85; a fún un ní 100. Ìdajì rẹ̀ á ti lọ láàárín wákàtí 8 sí 12, lára ọmọ tuntun ó tún lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Níbi tí kò bá ti sí, kiráyò, èyí tí wọ́n ń yọ láti inú plásímà, ló dára jù lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹyọ 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà nínú àpò kan, àpò kan ṣoṣo sì tó ọmọ tí kò ju kílò 3.4 lọ. Plásímà tútù náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n mílílítà 15 fún kílò kan kò lè gbé e kọjá bí 30, omi rẹ̀ á sì ti pọ̀ jù kó tó dé ibi tí o fẹ́. Àwọn méjèèjì ń gbé ewu kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dání. Bí ó bá jẹ́ fákítọ̀ 9 ni kò sí, kiráyò kò wúlò, torí kò sí nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n wọn fákítọ̀ kí wọ́n tó yan ohun tí wọ́n á fún un.

O bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ kò lè gba ọ̀nà ìta dì. Ó lè ṣe é, bí a bá fipá mú un. Aláìsàn tí ara rẹ̀ ti ń gbógun ti fákítọ̀ 8 tí a ń fún un, fákítọ̀ 7a tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ la máa ń fún un, máíkírógírámù 90 fún kílò kan, lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́ta a ó tún fún un. Ìwọ̀n yẹn pọ̀ gan-an ju ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó pọ̀ débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ orí pílétílẹ́tì láìsí tíṣù fákítọ̀, tó sì ń jí fákítọ̀ 10 níbẹ̀ tààrà, níbi tí 5a ti ń dúró. Oògùn tuntun kan, emisisúmábù, á di fákítọ̀ 9a mú lápá kan, á di 10 mú lápá kejì, á fà wọ́n súnmọ́ ara wọn bí fákítọ̀ 8a ì bá ṣe fà wọ́n. Oògùn méjèèjì yìí, orí pílétílẹ́tì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wọn.

Ọmọ náà, lẹ́yìn tí a fún un lẹ́ẹ̀kejì, òwú tó wà lójú ọgbẹ́ gbẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ dídì tó wà níbẹ̀ ti le, ó ti dúdú, kò yọ̀ kúrò mọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. A kọ ọ́ sára káàdì àjẹsára rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni kí wọ́n máa lò, abẹ́ awọ ni kí wọ́n gún un sí níbi tí àjẹsára náà bá gbà á, kí wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A sì ní kí ìyá rẹ̀ mú àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí a yẹ fákítọ̀ 8 tirẹ̀ náà wò, nítorí pé oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀.